Bí a ṣe ń wọn omi díẹ̀ tó wà nínú epo tìránsífọ́mà ní ọ̀nà Karl Fischer, níbi tí atẹ́gùn ti kún fún ọ̀rinrin

Ìbéèrè kan náà ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ní Ìkòròdú, ní Ẹ̀pẹ́ àti ní Àgbádárìgì ń bi mí lemọ́lemọ́: “A wọn epo kan láàárọ̀, ó fún wa ní 20 ppm. A tún un wọ̀n lọ́sàn-án, ó di 38 ppm. Èwo ni ká kọ sínú ìwé?” Ìdáhùn mi ni pé kí wọ́n má tíì kọ ìkankan, àfi tí wọ́n bá ti mọ iye omi tí atẹ́gùn ń gbé wọ inú ìgò ìdíwọ̀n wọn.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe ìṣirò yìí. Bí atẹ́gùn bá gbóná tó 30 °C, tí ọ̀rinrin rẹ̀ sì tó ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí kò ṣàjèjì rárá létí ọ̀sà, omi inú mililítà atẹ́gùn kan ṣoṣo tó nǹkan bí maikirogíráàmù 26. Epo tó dára tí ẹ fẹ́ wọ̀n, gíráàmù 4.4 rẹ̀, tí í ṣe mililítà 5, kò ní ju maikirogíráàmù 88 lọ bí omi inú rẹ̀ bá jẹ́ 20 ppm. Èyí já sí pé èéfọ́ atẹ́gùn kan tó mililítà kan nínú sírínjì ti tó láti fi ppm 6 kún èsì yín. Nítorí náà, atẹ́gùn ni púpọ̀ nínú ìtọ́sọ́nà yìí dá lé lórí, nítorí epo fúnra rẹ̀ kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀.

## Ọ̀nà wo ni kí ẹ lò?

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀nà méjèèjì: nínú oògùn tó ní mẹtanọ́ọ̀lù àti sọ́lífọ̀ dàyọ́kísáídì, mọ́lékù áyódíìnì kan ń bá mọ́lékù omi kan lọ. Ibi tí áyódíìnì ti ń wá ni wọ́n fi yàtọ̀ síra.

Nínú ọ̀nà burẹ́ẹ̀tì, tí à ń pè ní fọlumẹ́tírì, áyódíìnì ti wà nínú oògùn tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ sì ń dà á sínú ìgò díẹ̀díẹ̀. Nínú ọ̀nà iná, tí à ń pè ní kulọmẹ́tírì, iná mànàmáná ló ń ṣẹ̀dá áyódíìnì nínú ìgò fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ sì ń ka iye iná tó kọjá. Mílígíráàmù omi kan gba kúlọ́ọ̀mù 10.71. Nítorí pé iná ni à ń kà, kò sí agbára oògùn kankan tí a ní láti máa tún wọ̀n lójoojúmọ́.

Fún epo tìránsífọ́mà, ọ̀nà iná ni kí ẹ lò. Omi maikirogíráàmù 88 tí mo sọ lókè yìí kò ní gbà ju mililítà 0.018 lọ nínú oògùn burẹ́ẹ̀tì tí agbára rẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 5 sí mililítà kan. Ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ lè bá ohun tó ń jò ní ẹnu burẹ́ẹ̀tì lọ. Ọ̀nà burẹ́ẹ̀tì dára fún ọtí, àwọn ohun èlò kíkùn àti àwọn nǹkan mìíràn tí omi inú wọn lé ní 1000 ppm. Bí òun nìkan ni ẹ bá ní, ẹ lo oògùn tí agbára rẹ̀ kéré, kí ẹ sì fi omi àṣàwòṣe, ìyẹn ohun olómi tí a ti mọ iye omi inú rẹ̀, tó ní mílígíráàmù 10 nínú gíráàmù kan, wọn agbára rẹ̀ láràárọ̀, nítorí ọ̀rinrin tó bá wọ inú ìgò oògùn máa ń jẹ agbára rẹ̀ dànù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Túùbù tó ń fa ọ̀rinrin gbọ́dọ̀ wà lórí ìgò oògùn náà pẹ̀lú, kì í ṣe lórí ìgò ìdíwọ̀n nìkan.

## Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ní nílẹ̀

- Ẹ̀rọ kulọmẹ́tírì, pẹ̀lú oògùn tó yẹ epo: èyí tí wọ́n ti fi sáílíìnì, kulorofọ́ọ̀mù tàbí ọtí tí mọ́lékù rẹ̀ gùn sí, kí epo lè yòrò nínú rẹ̀.
- Sírínjì onígíláàsì tí kì í jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé, mililítà 5 tàbí 10, àti abẹ́rẹ́ gígùn.
- Òṣùwọ̀n tó ń ka mílígíráàmù, ó kéré tán.
- Rọ́bà ìgúnbẹ́rẹ́ tuntun. Ẹ má ṣe fi wọ́n pamọ́ sínú ọ̀rá tó ṣí sílẹ̀.
- Mọlẹkúlà síìfù oníhò ángísítíróòmù 3 fún àwọn túùbù tó ń fa ọ̀rinrin.
- Omi àṣàwòṣe nínú ámpúùlù, mílígíráàmù 0.1 nínú gíráàmù kan, èyí tí í ṣe 100 ppm.
- Ìbọ̀wọ́, ìgò ojú, àti ibi tí ẹ̀rọ ti ń fa afẹ́fẹ́ jáde. Mẹtanọ́ọ̀lù májèlé ni, òórùn sọ́lífọ̀ dàyọ́kísáídì sì máa ń ta ọ̀fun. Ẹ má ṣe ṣí oògùn yìí nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì pa.

## Ìgbésẹ̀ fún mímú ìgò ìdíwọ̀n gbẹ

1. Ẹ gbé ẹ̀rọ síbi tí oòrùn kò ti lè ta sí i, tí ẹ̀rọ amúlétutù kò sì fẹ́ atẹ́gùn sí i tààrà. Otútù tó ń bọ́ sára ìgò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan máa ń mú kí omi dì mọ́ ọn ní ìta, omi náà a sì máa yọ́ wọlé láti ara ìsopọ̀.
2. Ẹ yan mọlẹkúlà síìfù ní 300 °C mọ́jú, kí ẹ jẹ́ kó tutù nínú ìgò agbẹ, kí ẹ tó dà á sínú túùbù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé òwú tí wọ́n fi ń dí ẹnu túùbù náà. Òwú ń gba omi ju bí ẹ ti rò lọ, nítorí náà kí òun náà kọ́kọ́ gbẹ nínú ààrò ní nǹkan bí 105 °C. Sílíkà tó ń yí àwọ̀ padà dára láti fi ṣe àmì ní ìparí túùbù, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi òun nìkan kún un: ó lè má tíì yí àwọ̀ padà nígbà tí ọ̀rinrin ti ń kọjá lára rẹ̀.
3. Ẹ fi gírísì sílíkóònù tín-ín-rín pa àwọn ìsopọ̀ gíláàsì, tàbí kí ẹ lo ìbọ̀ Téfílọ́ọ̀nù tó ń bá wọn wá. Ẹ máa nu gírísì àtijọ́ kúrò kí ẹ tó fi tuntun, nítorí ó máa ń le, ó sì máa ń là.
4. Ẹ da oògùn sínú ìgò ńlá títí dé ìlà tí wọ́n sàmì sí. Bí ẹlẹ́kítíróòdù yín bá ní aṣẹ́ àti ìyàrá kékeré tirẹ̀, ẹ da mililítà 5 oògùn kejì, èyí tí wọ́n ṣe fún ìyàrá náà, sínú rẹ̀. Ẹ ríi pé ojú oògùn inú ìyàrá kékeré yìí relẹ̀ díẹ̀ sí ti ìgò ńlá, ní mílímítà méjì tàbí mẹ́ta. Bí ó bá ga jù, ọ̀rinrin inú rẹ̀ yóò máa ṣàn gba inú aṣẹ́ wọ ibi tí ẹ ti ń wọ̀n.
5. Ẹ jẹ́ kí ọ̀pá mágínẹ́ẹ̀tì máa ro ó dáadáa, débi pé ojú oògùn yóò wọnú díẹ̀ láàárín, ṣùgbọ́n tí kò ní í fa èéfọ́ sínú.
6. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ẹ. Oògùn tuntun máa ń gbà tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó sì lè gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa lásìkò òjò.

## Dírífìtì: nọ́ńbà tó yẹ kí ẹ kà ṣáájú èsì

Dírífìtì ni iye omi tí ẹ̀rọ ń pa nínú ìṣẹ́jú kan nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi nǹkan sínú ìgò. Lójú ẹ̀rọ, µg/min ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Bí ó bá ń ka 10, atẹ́gùn òde tó ń wọlé kò tó ìdajì mililítà nínú ìṣẹ́jú kan. Ẹ wo bí ihò tó ń fa wàhálà yìí ṣe kéré tó. Kò sí ojú tó lè rí i.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ máa ń gbà kí ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí dírífìtì bá ti wà lábẹ́ 20. Fún epo tó gbẹ, n kì í gba ohun tó bá ju 10 lọ. Ṣùgbọ́n dídúró rẹ̀ lójú kan ṣe pàtàkì ju kíkéré rẹ̀ lọ. Dírífìtì 12 tó dúró lójú kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sàn ju 6 tó ń fò sí 14 tó tún ń padà sí 8 lọ, nítorí ẹ̀rọ lè yọ èyí tó dúró kúrò nínú èsì, kò sì lè yọ èyí tó ń sá kiri.

Ìkìlọ̀ kan wà níbí. Dírífìtì tó bá jẹ́ òdo kì í ṣe ohun ayọ̀. Ẹ wo àwọ̀ oògùn: bí ó bá ti pọ́n bí omi tíì tó ki dípò kó jẹ́ yẹ́lò fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, áyódíìnì ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, yóò sì máa jẹ omi epo yín láìjẹ́ kí ẹ̀rọ kà á. Ẹ yẹ ẹlẹ́kítíróòdù onípílátínọ́ọ̀mù méjì wò, bóyá ó dọ̀tí tàbí kò wọnú oògùn tó, kí ẹ sì wò bóyá ọ̀pá tó ń ro oògùn ti dúró.

## Bí ẹ ṣe lè wá ibi tí ọ̀rinrin ń gbà wọlé

Bí dírífìtì kò bá sọ̀kalẹ̀, ẹ má ṣe tú ohun gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá pààrọ̀ rọ́bà, gírísì àti oògùn pọ̀ kò ní mọ èyí tó ṣẹ̀, yóò sì tún bá a pàdé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ tẹ̀lé e báyìí, kí ẹ sì dúró ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ nọ́ńbà sílẹ̀.

1. Ẹ mi ìgò náà jẹ́jẹ́. Ẹ gbé e, kí ẹ yí i káàkiri kí oògùn lè fọ ògiri rẹ̀ àti abẹ́ ìdérí. Bí dírífìtì bá fò sókè, tó sì tún sọ̀kalẹ̀ sí ibi tó rẹlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kì í ṣe jíjò rárá. Omi tó lẹ̀ mọ́ gíláàsì ni. Ẹ tún un ṣe títí kò fi ní í fò mọ́.
2. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà ìgúnbẹ́rẹ́. Nínú ohun tí mo ti rí, òun ló máa ń jẹ̀bi jù. Rọ́bà tí abẹ́rẹ́ ńlá ti gún lọ́pọ̀ ìgbà kì í padé mọ́. Bí ẹ bá ń wọn epo lójoojúmọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ láìdúró kó jò.
3. Ẹ fi páráfíìmù wé ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ìsopọ̀ tí dírífìtì bá sọ̀kalẹ̀ nígbà tí ẹ wé e ni olè. Ẹ tú u, ẹ nù ún, ẹ fi gírísì tuntun. Kí ẹ má sì fi páráfíìmù náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àtúnṣe, nítorí kì í pẹ́ kó tó là.
4. Ẹ fi túùbù tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yan rọ́pò ti orí ìgò. Bí ìyàtọ̀ bá wà, mọlẹkúlà síìfù àtijọ́ ti kún.
5. Ẹ pààrọ̀ oògùn inú ìyàrá kékeré. Ìyàrá ẹlẹ́kítíróòdù tó ní aṣẹ́ ni ibi tí ọ̀rinrin ti ń fara pamọ́ jù, nítorí ẹ̀rọ kì í gbẹ ẹ tààrà. Bí aṣẹ́ fúnra rẹ̀ bá ti dọ̀tí, ẹ fi hẹ́sẹ́ènì tàbí sáílíìnì fọ epo kúrò, ẹ fi mẹtanọ́ọ̀lù ṣàn án, kí ẹ sì gbẹ ẹ nínú ààrò tí kò gbóná ju bí ìwé ẹ̀rọ ti gbà lọ.
6. Ẹ pààrọ̀ oògùn inú ìgò ńlá gbẹ̀yìn. Oògùn yìí wọ́n, àṣà àwọn ènìyàn sì ni láti kọ́kọ́ dà á nù. Bí dírífìtì bá wà bákan náà lẹ́yìn oògùn tuntun, jíjò ṣì wà. Bí ó bá sọ̀kalẹ̀ pátápátá, inú oògùn àtijọ́ ni nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀, mo sì máa sọ nípa rẹ̀ nísàlẹ̀.

Ìṣesí nọ́ńbà náà máa ń sọ púpọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Jíjò máa ń dúró lójú kan, tàbí kó ga lọ́jọ́ òjò, kó sì rẹlẹ̀ nígbà ọyẹ́. Ọ̀rinrin inú ìyàrá kékeré máa ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Èyí tó bá ń gòkè lẹ́yìn gbogbo epo tí ẹ fi sí i, tí kò sì padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ẹ má ṣe wá a lára ìgò. Inú ohun tí ẹ ń wọ̀n ni ó wà.

## Gbígba epo

Epo tí wọ́n gbà sínú ìgò oníke kò yẹ ní wíwọ̀n fún iṣẹ́ yìí, nítorí ọ̀rinrin ń kọjá lára ike. Ẹ lo sírínjì onígíláàsì, tàbí ìgò gíláàsì tí ẹ ti gbẹ nínú ààrò tí ẹ sì ti dé nígbà tó ṣì gbóná.

1. Ẹ má ṣe gba epo nínú òjò tàbí kùrukùru òwúrọ̀.
2. Ẹ nu ẹnu kọ́ọ̀kì tìránsífọ́mà, kí ẹ jẹ́ kí epo tó ti jókòó nínú rẹ̀ ṣàn dànù tó lítà kan tàbí méjì.
3. Ẹ fi epo náà ṣan ìgò tàbí sírínjì lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
4. Ẹ kún un láìjẹ́ kí ó hó, kí ẹ sì dé e lójú ẹsẹ̀. Ẹ kọ bí epo náà ṣe gbóná tó sílẹ̀.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ kọ gbígbóná rẹ̀ ni pé epo gbígbóná lè gbé omi púpọ̀ ju epo tútù lọ. Ní 20 °C, epo tuntun kò lè tú ju nǹkan bí 55 ppm lọ. Epo tó gbóná ní Àgbádárìgì, tó lo wákàtí nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kó tó dé Ìkòròdú, tí wọ́n sì tún gbé e sínú yàrá amúlétutù, lè ti fi omi rẹ̀ sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ìgò. Bí ẹ bá fa ti òkè nìkan, èsì yín á rẹlẹ̀ gan-an. Ẹ jẹ́ kí ìgò náà bá yàrá dọ́gba kí ẹ tó ṣí i, nítorí ìgò tó tutù ju yàrá lọ yóò fa omi atẹ́gùn mọ́ra, kí ẹ sì yí i sókè sódò dáadáa. Ẹ wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ náà.

## Wíwọn epo

1. Ẹ fa epo díẹ̀ sínú sírínjì, ẹ fi ṣàn án, ẹ dà á nù. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ má ṣe fi asitóònù fọ sírínjì, nítorí asitóònù bá mẹtanọ́ọ̀lù inú oògùn lò pọ̀, ó sì ń ṣẹ̀dá omi.
2. Ẹ fa mililítà 5 jẹ́jẹ́, kí ẹ yí abẹ́rẹ́ sókè, kí ẹ ti gbogbo èéfọ́ jáde.
3. Ẹ nu abẹ́rẹ́ gbẹ, kí ẹ fi èérún rọ́bà dí ẹnu rẹ̀, kí ẹ wọn sírínjì náà lórí òṣùwọ̀n.
4. Ẹ tẹ ìbẹ̀rẹ̀ lójú ẹ̀rọ lẹ́yìn tí dírífìtì ti dúró, ẹ yọ èérún rọ́bà, ẹ gún rọ́bà ìgúnbẹ́rẹ́, kí ẹ ti epo náà sísàlẹ̀ ojú oògùn. Ẹ má ṣe jẹ́ kó ta sára ògiri ìgò.
5. Ẹ fa abẹ́rẹ́ yọ, ẹ fi èérún kan náà dí i, ẹ tún un wọ̀n. Ìyàtọ̀ méjèèjì ni ìwọ̀n epo tó wọlé. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀lé ìlà ara sírínjì.
6. Ẹ ṣètò ẹ̀rọ kí ó má baà parí ṣáájú ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀, nítorí epo kì í jọ̀wọ́ omi rẹ̀ kíákíá. Ẹ̀rọ tó bá parí ní ogún ìṣẹ́jú-àáyá ti dúró kí omi tó jáde tán.

Ìṣirò rẹ̀ nìyí:

```
ppm = (µg_total - drift × min) / g
```

Ẹ wò ó dáadáa bóyá ẹ̀rọ yín ti yọ dírífìtì fúnra rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn máa ń yọ ọ́, àwọn òṣìṣẹ́ kan sì tún ń fọwọ́ yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

## Àpẹẹrẹ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé dírífìtì dúró ní 7. Sírínjì jẹ́ gíráàmù 31.6420 ṣáájú, ó sì di 27.2605 lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà epo tó wọlé jẹ́ 4.3815. Ẹ̀rọ ka µg 101.3 nínú ìṣẹ́jú 2.1. Dírífìtì gba 14.7 nínú rẹ̀, ó ku 86.6. Ẹ pín in sí 4.3815, ó jẹ́ 19.8 ppm. Ìgbà kejì, epo gíráàmù 4.4102, µg 99.8, ìṣẹ́jú 2.0: 19.5 ppm. Àwọn méjèèjì bára mu.

Ìgbà kẹta, epo 4.3690, µg 127.1, ìṣẹ́jú 2.2, ó di 25.6 ppm. Epo kan náà, ẹ̀rọ kan náà, dírífìtì kan náà. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí àwọn tó kù tó ppm 6, èyí sì ni iye tí èéfọ́ mililítà kan máa fi kún un. Ẹ lọ wo sírínjì yín ṣáájú kí ẹ tó fi ẹ̀sùn kan epo. Bí èsì méjì bá fi ju ppm 2 lọ jìnnà síra, n kì í pín wọn sí méjì láti fi wá àárín. Mo máa ń wọn ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin.

Ẹ tún wo ohun tí dírífìtì tí kò dúró ń ṣe. Ká ní 12 ni ó jẹ́ lóòótọ́ nígbà tí ẹ̀rọ rò pé 7 ni, ìyàtọ̀ 5 fún ìṣẹ́jú 2.1 jẹ́ µg 10.5. Lórí epo gíráàmù 4.38, èyí jẹ́ ppm 2.4. Ká ní gíráàmù kan péré ni ẹ fi sí i nítorí pé ẹ fẹ́ fi oògùn pamọ́, ó máa di ppm 10.5, ìdajì èsì yín ti di irọ́ nìyẹn. Níbi tí ọ̀rinrin ti pọ̀ bíi tiwa, fífi epo púpọ̀ sí i ni ọ̀nà tó rọrùn jù láti borí dírífìtì. Epo tuntun tó wà nínú dúró-ọ̀mù kò gbọdọ̀ ju 40 mg/kg lọ lábẹ́ ìlànà IEC 60296, èyí tó wá nínú ọkọ̀ àgbérù kò sì gbọdọ̀ ju 30 lọ. Ẹni tí àṣìṣe rẹ̀ jẹ́ ppm 10 kò lè gba irú epo bẹ́ẹ̀ wọlé tàbí kó kọ̀ ọ́.

## Fífi omi àṣàwòṣe yẹ ara yín wò

Láràárọ̀, kí ẹ tó wọn epo oníbàárà, ẹ ṣẹ́ ámpúùlù 100 ppm kan. Ẹ fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣan sírínjì, ẹ dà á nù, kí ẹ fa ìyókù lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì wọn gíráàmù kan àti ààbọ̀ sí méjì. Bí èsì bá wà láàárín ìdá 90 sí 110 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà nínú ìwé-ẹ̀rí ámpúùlù náà, ẹ tẹ̀ síwájú. Bí ó bá ga jù, atẹ́gùn ni. Bí ó bá rẹlẹ̀, ẹ wo àwọ̀ oògùn fún áyódíìnì tó pọ̀ jù. Ámpúùlù tí a ti ṣí kò ṣeé fi pamọ́ di ọ̀sán, ì báà jẹ́ pé ẹ fi rọ́bà dí i.

## Nígbà tí kì í ṣe jíjò

Ohun méjì ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Èkíní ni kí oògùn di kùrukùru tàbí kí epo léfòó lórí rẹ̀. Omi inú epo tí kò yòrò kò ní dé ọ̀dọ̀ áyódíìnì, nítorí náà èsì yóò máa rẹlẹ̀ láti ìgbà kan sí èkejì láìsí ìdí mìíràn. Ẹ dá ẹ̀rọ dúró kí ó sinmi, ẹ jẹ́ kí epo yà sọ́tọ̀, kí ẹ fà á jáde, tàbí kí ẹ pààrọ̀ oògùn.

Èkejì ni kí nǹkan nínú ohun tí ẹ ń wọ̀n máa bá oògùn jà. Kítóònù bíi asitóònù ń ṣẹ̀dá omi nínú mẹtanọ́ọ̀lù, wọ́n sì ní oògùn tiwọn tí kò ní mẹtanọ́ọ̀lù nínú. Epo ẹ́ńjìnnì tó ní àwọn èròjà onísọ́lífọ̀ máa ń jẹ áyódíìnì bí ẹni pé omi ni, èsì a sì ga láìsí omi. Fún irú epo bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe gún un tààrà: ẹ mú un gbóná nínú ìgò kékeré nínú ààrò, kí náítírójìn gbígbẹ gbé omi nìkan wá sínú ìgò ìdíwọ̀n.

## Nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ

Ní ojú ẹsẹ̀ tí ọ̀pá mágínẹ́ẹ̀tì bá dúró, ọ̀rinrin ń kó jọ, kò sì sí ohun tó ń pa á. Ẹ fi ẹ̀rọ náà sórí bátìrì infátà kó má baà kú nígbà tí ẹ bá ń yí sí jẹnẹrétọ̀. Bí ó bá kú lóòótọ́, ẹ ju èsì tó wà lórí rẹ̀ nù, ẹ mi ìgò, ẹ jẹ́ kó gbẹ títí dírífìtì yóò fi padà síbi tó wà láàárọ̀, kí ẹ sì tún fi ámpúùlù yẹ̀ ẹ́ wò bí ó bá ti ju wákàtí kan lọ. Lálẹ́, ẹ má ṣe pa á: oògùn díẹ̀ tí ẹ óò fi ṣòfò kò tó àkókò tí ẹ óò fi gbẹ ẹ láàárọ̀.

## Pípààrọ̀ oògùn

Omi kọ́ ló máa ń parí oògùn yín, epo ni. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí ó bá di kùrukùru tí kò mọ́ mọ́, tí ìgò bá ti kún dé ìlà òkè, tàbí tí ámpúùlù kò bá wọ inú ààlà lẹ́yìn tí ẹ ti yẹ gbogbo ìsopọ̀ wò. Ẹ kó àtijọ́ sínú ìgò tí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí fún àwọn tó ń kó ìdọ̀tí kẹ́míkà. Ẹ má ṣe dà á sínú gọ́tà; kulorofọ́ọ̀mù àti epo inú rẹ̀ yóò gba ibẹ̀ dé ọ̀sà.